Àkáǹtì méjì lórí kọ̀ǹpútà ilé: ohun tí ìrírí fi yé mi

Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Ádó-Èkìtì, àkáǹtì kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí ẹ̀rọ. Bàbá ń fi tẹ ìwé ìpàdé ìjọ, màmá tó jẹ́ tíṣà ń fi kọ nóòtì ẹ̀kọ́, ọmọ tó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń fi kọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń fi gbá géèmù. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, orúkọ yẹn gan-an ló sì jẹ́ alábòójútó ẹ̀rọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ tí wọ́n sì ń to Windows sí i, àkáǹtì àkọ́kọ́ tí wọ́n dá ni Windows gbé agbára lé lọ́wọ́, nítorí pé ó pọn dandan kí ẹnìkan ní in. Wọn ò sì padà dé orí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Àtúnṣe tó ń pẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹ dá àkáǹtì tuntun tí yóò máa ṣe alábòójútó, kí ẹ wá gba agbára kúrò lọ́wọ́ àkáǹtì àtijọ́ kó di ti ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì: wọ́n á dá àkáǹtì tuntun tí kò lágbára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, wọ́n á fi ti àtijọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kì í gba ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo ilé tó padà sínú ti àtijọ́, nítorí ibẹ̀ ni fọ́tò wọn wà, ibẹ̀ ni ìwé wọn wà, ibẹ̀ ni búráúsà ti mọ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé inú ilé tí wọ́n ti ń gbé. Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ gbà.

Kí á tó débi ìgbésẹ̀, ó yẹ kí ìyàtọ̀ yéni, nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé wọ́n ti ní ààbò tẹ́lẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí Windows bá ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Láti ìgbà Vista, tó jáde fáwọn ará ilé lọ́dún 2007, ẹni tó bá wọlé bí alábòójútó máa ń gba ìwé àṣẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kékeré kan àti ńlá kan. Kékeré ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Bí sọ́fítíwíà kan bá wá nílò ńlá, bóyá láti kọ nǹkan sínú `C:\Windows` tàbí `C:\Program Files`, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, ìbéèrè á yọ: "Do you want to allow this app to make changes to your device?" Nínú àkáǹtì alábòójútó, "Yes" lásán ni ìdáhùn, kò sí páásíwọ́ọ̀dù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè tẹ̀ ẹ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ó ti mọ̀ pé géèmù ò ní ṣí bí òun ò bá tẹ̀ ẹ́.

Àléébù kejì ò hàn sójú. Bí wọ́n ṣe to Windows wá láti ilé iṣẹ́, àwọn irinṣẹ́ Windows mélòó kan wà tí wọ́n lè gba ìwé àṣẹ ńlá láìbéèrè rárá, kí ìbéèrè má baà pọ̀ jù lójú oníbàárà. Àwọn tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n sì ń gun wọ́n bí ẹṣin kọjá ìbéèrè. Ọgbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ kìkì nínú àkáǹtì tí ìwé ńlá wà lápò rẹ̀. Nínú àkáǹtì lásán, tí Windows ń pè ní "Standard User", ìwé ńlá kankan ò sí lápò. Bí nǹkan bá bèèrè agbára, ẹ̀rọ á ní kí alábòójútó wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ò rí ohun tó máa jí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ipò tí ẹ wà. Ẹ ṣí "Settings", ẹ lọ sí "Accounts", lẹ́yìn náà "Your info". Bí "Administrator" bá wà lábẹ́ orúkọ yín, àkáǹtì tí ẹ fi ń wo intánẹ́ẹ̀tì náà ló ń bójú tó ẹ̀rọ. Nínú Windows 11, ẹ padà sí "Accounts", ẹ yan "Other users", ẹ tẹ "Add account". Windows á máa béèrè ímeèlì. Ẹ má fún un. Ẹ tẹ "I don't have this person's sign-in information", lẹ́yìn náà ẹ tẹ "Add a user without a Microsoft account". Ẹ fún un lórúkọ. "Olutoju" ni kí á lò níhìn-ín, kí á sì pe ti àtijọ́, tó máa di ti ojoojúmọ́, ní "Ile"; níbi tí Ile bá wà nínú àṣẹ, orúkọ tó ń jẹ́ lórí ẹ̀rọ yín ni kí ẹ kọ. Ẹ kọ orúkọ Olutoju láìsí àmì, nítorí Windows á fi í dá fódà, àwọn sọ́fítíwíà àtijọ́ kan sì máa ń kọsẹ̀ lórí lẹ́tà tó ní àmì nínú orúkọ fódà.

Ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù sí i. Ẹ̀rọ á gbà bí ẹ bá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ṣùgbọ́n asán ni gbogbo iṣẹ́ yín á já sí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ "Yes" á kọjá láìkọ ohunkóhun. Windows á tún béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ lè fi rántí páásíwọ́ọ̀dù bí ẹ bá gbàgbé. Ẹ má dáhùn wọn ní tòótọ́. Ìlú tí wọ́n ti bí bàbá yín kì í ṣe àṣírí fáwọn ọmọ yín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ orúkọ Olutoju nínú àtòkọ, ẹ tẹ "Change account type", ẹ yan "Administrator". Níbí ni ìkánjú ti ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ má tíì fọwọ́ kan àkáǹtì Ile. Ẹ jáde pátápátá pẹ̀lú "Sign out", ẹ wọlé bí Olutoju, ẹ ní sùúrù bí ẹ̀rọ ṣe ń tò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ tẹ `cmd` sínú àpótí ìwákiri, ẹ tẹ "Run as administrator", ẹ dáhùn "Yes", kí ẹ sì kọ èyí:

```
net localgroup Administrators
```

Orúkọ mẹ́ta ló yẹ kí ẹ rí: Ile, Olutoju, àti Administrator. Ẹni ìkẹyìn yẹn jẹ́ ti Windows fúnra rẹ̀, títì ló sì máa ń wà, ẹ má kà á mọ́ àwọn tó lè gbà yín. Bí Olutoju bá wà níbẹ̀, tí ojú cmd náà sì ṣí fún yín láìjanpata, ẹ lè wá padà sí "Other users" kí ẹ sọ Ile di "Standard User".

Bí ẹnìkan bá gba agbára kúrò lọ́wọ́ àkáǹtì kan ṣoṣo tó ní in, kí òmíràn tó dúró, ìta ni yóò ti bá ara rẹ̀. Àmì rẹ̀ ò ṣòro dá mọ̀: ìbéèrè á yọ, ṣùgbọ́n kò ní sí ibi tí èèyàn máa kọ páásíwọ́ọ̀dù sí, "Yes" á sì rí báìbáì, kò ní ṣe é tẹ̀. Ojú "Settings" máa ń gbìyànjú láti dá èèyàn dúró kó má ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi àṣẹ kíkọ ṣe é kì í rí ìkìlọ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ sábà máa ń parí rẹ̀ sí kí wọ́n tún Windows tò látòkèdélẹ̀. Bí díìsìkì náà bá sì wà lábẹ́ ìdè BitLocker, tí Windows fi ń ti díìsìkì pa, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 kó tó jẹ́ kí ẹ débi kankan.

Ìṣòro kejì kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń já èèyàn láyà. Bí ẹ bá fi àṣẹ yọ Ile kúrò nínú ẹgbẹ́ Administrators, tí kò sì sí nínú ẹgbẹ́ Users tẹ́lẹ̀, kò ní sí nínú ẹgbẹ́ kankan mọ́. Orúkọ rẹ̀ á pòórá lójú ibi ìwọlé, gbogbo ilé á sì rò pé fáìlì wọn ti lọ. Fáìlì ò lọ síbì kankan. Ẹ wọlé bí Olutoju, ẹ ṣí cmd pẹ̀lú agbára, ẹ kọ:

```
net localgroup Users Ile /add
```

Bí ó bá dáhùn pẹ̀lú "System error 1378", ohun tó ń sọ ni pé Ile ti wà nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀, kò sí ewu.

Ìyípadà náà kì í mú títí ẹ ó fi jáde kúrò nínú Ile kí ẹ tún wọlé, nítorí ẹnu ọ̀nà ni Windows ti ń pín ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá kàn ti ojú ẹ̀rọ pa tí ẹ tún ṣí i, ìwé àtijọ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé padà bí Ile, ẹ fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò:

```
whoami /groups | find "S-1-5-32-544"
```

Bí kò bá dá yín lóhùn rárá, ó ti parí. Bí ìlà kan bá yọ tó ní "Group used for deny only" nínú, Ile ṣì jẹ́ alábòójútó tó kàn gbé ìwé ńlá rẹ̀ pamọ́ sápò.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ pè wá padà lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta ni pé sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ti sọnù. Ọmọ á ní òun tò ó, òun tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí bàbá fún òun, ó sì dé òpin láìsí àṣìṣe, síbẹ̀ kò sí lójú dẹ́sítọ́ọ̀pù. Kò parọ́. Nígbà tí páásíwọ́ọ̀dù Olutoju bá ti wọlé, Olutoju ni ẹ̀rọ gbà pé ó ń to sọ́fítíwíà náà, kì í ṣe Ile. Bí sọ́fítíwíà bá jẹ́ irú èyí tó ń lọ sínú `C:\Program Files`, gbogbo ilé ló máa rí i. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń béèrè bóyá fún èmi nìkan ni tàbí fún gbogbo èèyàn, èèyàn á sì yan "Just me". "Me" yẹn, Olutoju ni. Inú `C:\Users\Olutoju\AppData\Local` ló máa bọ́ sí, ojú dẹ́sítọ́ọ̀pù Olutoju ni àmì rẹ̀ máa wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ń dé. "All users" ni kí ẹ máa yàn nígbàkigbà tí ẹ bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù.

Àwọn míì sì wà tí wọn ò nílò agbára rárá, bíi Telegram, tó ń tò ara rẹ̀ sínú fódà ẹni tó ń lò ó. Ẹ ṣí irú wọn ní tààràtà láti inú Ile. Àṣà kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún kó sì yan "Run as administrator" fún gbogbo nǹkan, torí pé ẹnìkan sọ pé ó ń jẹ́ kí ó yára, ló ń kó wọn lọ sí ibi tí kò yẹ.

Bí ìtò bá parí, "Launch" máa ń wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì nínú àpótí rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó tẹ "Finish". Ọ̀pọ̀ ìgbà ni sọ́fítíwíà náà á ṣí lórúkọ Olutoju pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ẹni tó sì kọ ìwé nínú rẹ̀ lákòókò yẹn á fi í pamọ́ sínú "Documents" Olutoju láìmọ̀. Lọ́la á máa wá a kiri.

Kí èyí má lọ di pé ilé ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù bí wọ́n ti ń tẹ "Yes" tẹ́lẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ka ohun tó wà nínú àpótí ìbéèrè. Nǹkan méjì ni mo máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni bóyá ohun tó ń béèrè bá ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe mu. Bí ẹ bá ń ka ìwé PDF tí ìbéèrè sì yọ, "No" ni. Èkejì ni ìlà tó ń sọ ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà náà: "Verified publisher" pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́, tàbí "Publisher: Unknown" pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè. Kì í ṣe gbogbo aláìlórúkọ ni olè, àwọn sọ́fítíwíà kéékèèké tó dára wà tí wọn ò ra ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ "Show more details", tí ọ̀nà ibi tí fáìlì náà wà sì fi hàn pé inú `AppData` tàbí inú fúláàṣì ló ti ń bọ̀, ẹ má kọ páásíwọ́ọ̀dù. Àwọn tí wọ́n ń pè ní "activator", tí wọ́n fi ń lo Windows tàbí Office láìsanwó, tó ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa Defender, ẹ̀ṣọ́ tí Windows fi ń lé fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, kò yẹ kí wọ́n rí páásíwọ́ọ̀dù yìí láé.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo fúláàṣì, nítorí òun ni ẹnu ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọ ilé jù níhìn-ín. Ọmọ gbé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, fúláàṣì náà kọjá lára ẹ̀rọ tí ọgọ́rùn-ún fúláàṣì ti kọjá. Nígbà tó délé, fódà "PROJECT" rẹ̀ ti ní ọfà kékeré lára, irú rẹ̀ sì ti di "Shortcut", kìlóbáìtì kan tàbí méjì péré. Bí ẹ bá wo "Properties" rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlà "Target" ń pe `cmd.exe` tàbí `wscript.exe` kó tó ṣí fódà. Fódà gidi wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi í pamọ́ ni. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ rẹ̀ ṣí, kò sì fura.

Bí inú Ile ló ti tẹ̀ ẹ́, ibi tí fáírọ́ọ̀sì lè dé ò pọ̀. Ó lè da ara rẹ̀ sínú `AppData` Ile, ó lè kọ ara rẹ̀ sára ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí Ile bá wọlé, ó sì lè kó ran fúláàṣì mìíràn tí wọ́n bá fi sí i. Kò lè sọ fún Defender pé kó má wo òun mọ́, kò lè di ara ẹ̀rọ kó máa ṣiṣẹ́ fún gbogbo àkáǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kan Olutoju. Nítorí náà ni ìwẹ̀nùmọ́ fi ṣeé ṣe láì tún Windows tò. Ẹ jáde kúrò nínú Ile pẹ̀lú "Sign out". "Switch user" ò tó, nítorí fáírọ́ọ̀sì á ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn yín. Ẹ wọlé bí Olutoju, ẹ má fi fúláàṣì náà sí i, ẹ ṣí "Windows Security", kí ẹ fi "Full scan" yẹ gbogbo díìsìkì wò. Ó lè gba wákàtí, nítorí náà ẹ rí i pé iná wà tàbí bátìrì kún.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi fúláàṣì sí i, kí ẹ má tẹ ohunkóhun nínú rẹ̀, kí Defender yẹ ẹ́ wò. Ẹ pa gbogbo "Shortcut" rẹ́, kí ẹ wá dá fódà gidi padà. Bí fúláàṣì bá jẹ́ `E:`, ẹ kọ:

```
attrib -h -r -s /s /d E:\*.*
```

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan nígbà tí ẹ bá wà nínú Olutoju. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí fódà Ile láti ibẹ̀, Windows á ní ẹ ò láṣẹ, á sì fún yín ní "Continue". Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe fún ìgbà yẹn nìkan: àṣẹ náà á dúró lára fódà títí láé. Fún Olutoju, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ láti inú àkáǹtì tirẹ̀ lórí fódà bàbá rẹ̀, tí bàbá sì wá kọ páásíwọ́ọ̀dù fún un láìronú, ọmọ ti ní ọ̀nà sínú ìwé bàbá láti ọjọ́ náà lọ.

Ohun tí àkáǹtì lásán ò lè dí ni ohun tó jẹ́ ti ẹni tó ń lò ó. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó lè gbowó ìràpadà kò nílò agbára kankan láti ti fọ́tò àti ìwé Ile pa, nítorí Ile fúnra rẹ̀ láṣẹ lórí wọn. Ó lè jí páásíwọ́ọ̀dù tó wà nínú búráúsà pẹ̀lú. Ohun tí kò lè ṣe ni kó pa ẹ̀dà àtijọ́ tí Windows máa ń tọ́jú rẹ́, bí "System Protection" bá wà ní títàn lórí díìsìkì náà, nítorí àṣẹ `vssadmin` tí wọ́n fi ń pa wọ́n rẹ́ nílò alábòójútó. Ìyẹn ti gba àwọn fáìlì kan là, ṣùgbọ́n ẹ̀dà lórí díìsìkì òde tí ẹ ń yọ kúrò lára ẹ̀rọ ni mo fọkàn tán.

Ní ti àwọn iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹ ò ní rí ìyọlẹ́nu púpọ̀. Wáì-fáì, títẹ̀wé, gbígba ohun tuntun ti Windows, títo nǹkan láti "Microsoft Store", gbogbo rẹ̀ ń lọ nínú Ile láìbéèrè. Ọ̀kan wà tó máa ń ya àwọn ará ilé lẹ́nu: aago. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti dàgbà, bátìrì kékeré CR2032 tó wà lára bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ máa ń kú, bí iná bá sì ti lọ, ọjọ́ á padà sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Búráúsà á kọ̀ láti ṣí ojúlé kankan, á kọ `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`, wọ́n á sì rò pé fáírọ́ọ̀sì ni. Nínú Ile, yíyí aago padà ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù Olutoju, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wà nílé ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Ẹ ra bátìrì tuntun. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri, ẹ ti irin kékeré tó dì í mú, á fò jáde, ojú tó ní àmì `+` ni kó kọjú sókè nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i.